SSD àbí háàdì dísìkì: èwo ni kí n fi sí lápútọ́ọ̀pù àtijọ́?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. Tíṣà ni mí ní Òṣogbo níbí. Lápútọ́ọ̀pù HP mi ti tó ọdún mẹ́wàá, háàdì gíìgì 500 ló wà nínú ẹ̀, ráàmù 4. Tí mo bá tàn án báyìí, mo lè lọ fọ abọ́ kí n tó padà wá bá a. Ẹnì kan ní kí n ra háàdì tuntun gíìgì 1000, ẹlòmíì ní SSD gíìgì 256, owó wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an, èwo ni kí n rà?"

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ma. SSD gíìgì 256 yẹn ni kẹ́ ẹ rà. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ sanwó, ohun kan wà tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò lára háàdì tó wà nínú ẹ̀ báyìí, màá débẹ̀, torí òun ló máa sọ bóyá ẹ lè kó gbogbo ẹrù yín bó ṣe wà sínú tuntun àbí ẹ máa ní láti bẹ̀rẹ̀ látorí òdo.

Háàdì dísìkì tó ti kú pọ̀ nínú páálí kan lábẹ́ tábìlì mi, tẹ́ ẹ bá yà sí ṣọ́ọ̀bù màá tú ọ̀kan hàn yín. Inú ẹ̀, àwo pẹrẹsẹ kan ló wà níbẹ̀ tó ń dán bíi dígí, nígbà míì wọ́n máa ń jẹ́ méjì, apá tín-ín-rín kan sì nà sórí ẹ̀, bíi ti gíràmófóònù táwọn bàbá wa fi ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù gẹ́lẹ́. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé abẹ́rẹ́ gíràmófóònù máa ń kan àwo, ti háàdì ò gbọdọ̀ kàn án rárá, atẹ́gùn tí àwo yẹn ń gbé dìde bó ṣe ń yí ló gbé orí apá yẹn dúró lófuurufú, àlàfo tó wà láàárín wọn sì kéré ju fífẹ̀ irun orí kan lọ fíìfíì. Ìdí nìyẹn tí lápútọ́ọ̀pù tó bá já bọ́ nígbà tó wà lórí iná fi máa ń dá wàhálà sílẹ̀, orí apá yẹn ti lọ gbá àwo, ó sì ti ha á.

Ọ̀pọ̀ háàdì inú lápútọ́ọ̀pù, ìgbà 5400 ni àwo yẹn ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 90 ìgbà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Ó dà bíi pé ó yá gan-an, àbí? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pọ̀ ná, tíṣà kúkú ni yín. Ẹ pín sẹ́kọ́ńdì kan sí ọ̀nà 1000. Àwo yẹn máa ń gba ìpín 11 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Tí Wíńdòsì bá ní òun fẹ́ fáìlì kékeré kan, apá yẹn á kọ́kọ́ rìn lọ síbi tí fáìlì yẹn wà, ẹ jẹ́ ká ní ó gba ìpín 12, tó bá débẹ̀ tán á tún dúró kí àwo yí wá bá a, nígbà míì ó máa bọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, nígbà míì ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, tá a bá pín in dọ́gba ó jẹ́ ààbọ̀ ìyípo, ìpín 5 ààbọ̀. Àpapọ̀ ẹ̀ ti ju 17 lọ díẹ̀. Nínú sẹ́kọ́ńdì kan, nǹkan kéékèèké bíi 60 péré ló lè lọ mú wá tí wọn ò bá sí lójú kan náà.

Wíńdòsì tó ń gbéra ò kì í béèrè fún nǹkan ńlá kan ṣoṣo, nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́ ló ń béèrè lọ́tùn-ún lósì, fọ́ǹtì níbí, dáráífà lọ́hùn-ún, ìyókù Chrome níbòmíì, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n sì ti ń kó nǹkan sórí àwo yẹn tí wọ́n ń pa á rẹ́, gbogbo ẹ̀ ti fọ́n káàkiri. Ká kàn fi ṣe àpẹẹrẹ pé nǹkan 20,000 ló fẹ́ kà kó tó ṣetán. Ẹ fi 60 pín in, ó ju sẹ́kọ́ńdì 330 lọ, ìyẹn ìṣẹ́jú márùn-ún ààbọ̀. Abọ́ tẹ́ ẹ lọ fọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé lápútọ́ọ̀pù yín ti gọ̀, pírọ́sẹ́sọ̀ ẹ̀ kàn jókòó síbẹ̀ tó ń retí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ni, bíi kẹ́ ẹ máa se ọbẹ̀ ní Òkè-Fìà kẹ́ ẹ máa rán ọmọ lọ sí Ọjà Ọba fún iyọ̀, kó dé, kẹ́ ẹ tún rán an padà fún ata, kó dé, kẹ́ ẹ tún rán an fún epo.

SSD ò ní àwo, kò ní apá, kò sí ohunkóhun tó ń yí nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí ẹ̀, bọ́ọ̀dù kékeré kan lẹ máa rí pẹ̀lú ṣíìpù dúdú bíi mélòó kan lórí ẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ fi jẹ́ pé ó ju ìdajì páálí irin yẹn tó ṣófo. Iná mànàmáná kíún ni wọ́n há mọ́ àwọn yàrá tíńtìntín inú ṣíìpù yẹn, bí iná yẹn ṣe pọ̀ sí nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, kò sì sí yàrá tó jìnnà ju èkejì lọ. Nǹkan tí háàdì ń fi ìpín 17 lọ mú wá, SSD aláìlówólórí kan á mú un wá nínú nǹkan bí ìdá mẹ́wàá ìpín kan. Ẹ padà sórí 20,000 yẹn, sẹ́kọ́ńdì méjì péré ló kù nínú ìdúró yẹn, àkókò tó bá wá ṣẹ́kù, pírọ́sẹ́sọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń lò ó láti ṣiṣẹ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe sọ pé háàdì tuntun gíìgì 1000 ò lè yanjú ọ̀rọ̀ yín, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ó tún mọ́, àmọ́ àwo náà ni, apá náà ni.

Ó yá, ohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ Disk 0. Níbẹ̀ ló ti máa kọ ọ́ fún yín pé HDD tàbí SSD ló wà nínú ẹ̀, tí HDD bá sì wà níbẹ̀ tí Active time lẹ̀ mọ́ 100% fún ìṣẹ́jú gígùn láìjẹ́ pé ẹ ń ṣe nǹkan gidi kan, a ti mọ ẹni tó ń dá iṣẹ́ dúró. Lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ dáńlóòdù CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera dísìkì wò, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ ṣí i kẹ́ ẹ wo ìlà mẹ́ta péré: 05, C5 àti C6. 05 ni iye ojú ibi tó ti bàjẹ́ lórí àwo tí háàdì ti fi ibòmíì rọ́pò ẹ̀, C5 ni ibi tó gbìyànjú láti kà tí kò rí kà tó ṣì ń fura sí, C6 ni èyí tó ti gbà pé òun ò lè kà mọ́. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ òdo, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí C5 bá ti ní iye kan, ẹ má fi lápútọ́ọ̀pù yẹn ṣe nǹkan kan mọ́ ju kẹ́ ẹ kó ìwé yín jáde lọ.

Ibi tó ti máa ń tan èèyàn jẹ rèé: iye tí ètò yẹn ń kọ sí Raw Values kì í ṣe òǹkà tiwa, òǹkà ẹlẹ́rìndínlógún ni, torí náà 28 tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, 40 ni. Ẹ lè yí i padà sí òǹkà wa lábẹ́ Function, Advanced Feature, Raw Values, kẹ́ ẹ mú 10 [DEC].

28 yẹn gan-an ni mo rí lára lápútọ́ọ̀pù akọ̀wé lọ́ọ́yà kan tó gbé e wá láti Òkè-Fìà. Ohun tóun wí ni pé Wíńdòsì ti gbó, kí n bá òun paárọ̀ ẹ̀. Mo fi fóònù mi ka àkókò, látìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ títí tí ìwé Word kan fi ṣí tó ṣeé tẹ nǹkan sí, ìṣẹ́jú mẹ́fà àti sẹ́kọ́ńdì ogún. Mo gbé etí sún mọ́ ọn, mo ń gbọ́ táá ṣe "tìk", á dákẹ́, á tún ṣe "tìk". CrystalDiskInfo yọ àwọ̀ ìyeyè, ó kọ Caution, C5 jẹ́ 28. Ó wù mí kí n kílóònù ẹ̀, ìyẹn kí n da gbogbo inú ẹ̀ kọ sórí SSD, kí gbogbo ẹ̀ lè wà bó ṣe wà, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó dé 61% ó sì dúró, ó ní òun ò rí ibì kan kà. Àṣìṣe tèmi nìyẹn o, mi ò bá ti kọ́kọ́ kó àwọn ìwé ilé ẹjọ́ yẹn jáde kí n tó dán kílóònù wò rárá, torí kílóònù máa ń fa gbogbo àwo látìbẹ̀rẹ̀ dópin, háàdì tó ti ń ṣàìsàn sì lè kú sẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Mo dá a dúró, mo kọ́kọ́ kó fódà Documents àti Desktop, lẹ́yìn ẹ̀ ni mo kó fọ́tò, ìwé mẹ́ta péré ni ò jáde, Ọlọ́run ṣe é ó ní wọn nínú ímeèlì. Mo wá fi Wíńdòsì tuntun sórí SSD, mi ò tún béèrè kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́ ẹ̀ torí Wíńdòsì 10 tí wọ́n bá ti fi kọ́kọ́rọ́ ṣí tẹ́lẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù kan máa ń dá a mọ̀ tó bá ti rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó délé tó ka àkókò fúnra ẹ̀, sẹ́kọ́ńdì ogójì. Pírọ́sẹ́sọ̀ yẹn ni, ráàmù yẹn ni, ohun kan ṣoṣo la pààrọ̀.

Ti yín wá ńkọ́, irú SSD wo ló máa wọ inú ẹ̀? Lápútọ́ọ̀pù tó bá wá pẹ̀lú háàdì gíìgì 500 láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, èyí tó máa ń gbà ni SSD onísátà tó fẹ̀ tó háàdì yẹn gẹ́lẹ́, íńǹṣì 2 ààbọ̀, tí ẹnu ẹ̀ pín sí méjì, kékeré kan àti gígùn kan. Fún ìdánilójú, ẹ yọ èyí tó wà nínú ẹ̀ lọ sí ọjà, ẹ gbé wọn síra wọn. SSD máa ń fẹ́lẹ́ díẹ̀, mìlímítà 7, háàdì mìíì sì jẹ́ 9 ààbọ̀, torí náà ó lè máa mì nínú ilé ẹ̀, inú páálí SSD mìíì férémù rọ́bà kékeré kan máa ń wà fún ìyẹn, tí ò bá sí, páálí líle tẹ́ ẹ gé dáadáa náà á ṣe é. Àwọn tó gùn bíi ṣíngọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ M.2 sí lára, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ àyàfi tẹ́ ẹ bá fojú rí ihò ẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, tẹ́ ẹ bá sì rí i, ẹ tún bi ẹni tó mọ̀ ọ́n bóyá ti sátà ni ihò yẹn ń gbà àbí ti NVMe, torí wọ́n jọra lójú ṣùgbọ́n ọ̀kan lè má ṣiṣẹ́ nínú ihò èkejì. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi iyára tí wọ́n kọ sára páálí ta yín lówó gegere, 550 mẹ́gà ní sẹ́kọ́ńdì kan ni òkè ibi tí SSD onísátà máa ń dé, èyí tẹ́ ẹ máa rí lójoojúmọ́ ni ti nǹkan kéékèèké tá a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, àní lápútọ́ọ̀pù tí ẹnu sátà ẹ̀ ti gbó tí kò lè kọjá 300, ẹni tó ń lò ó ò ní mọ̀ ọ́n.

Ayédèrú wà lọ́jà o, ẹ dákun. Wọ́n gbé SSD kan wá bá mi tí wọ́n kọ gíìgì 2000 sí lára, owó tí ẹni yẹn rà á ò tó ti gíìgì 256 gidi, mo tú u, mẹ́mọ́rì káàdì fóònù ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀. Lápútọ́ọ̀pù rí gíìgì 2000 yẹn bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ti kọ́ ọ ní irọ́ pípa, ìgbà tí fáìlì bá kún ààyè gidi tó wà nínú ẹ̀ ni àwọn ìyókù á bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Ètò H2testw ló ń tú wọn fó, ó máa kọ nǹkan kún un dẹ́nu á sì tún kà á padà bóyá ó ṣì pé, àmọ́ ó máa ń pẹ́, nílé lẹ máa ṣe é. Èyí tẹ́ ẹ lè ṣe lójú ọlọ́jà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ní kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kó ṣí CrystalDiskInfo, ẹ wo Power On Hours. Tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo tàbí wákàtí díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí 9,000, tòkúnbọ̀ ni wọ́n tún ilé ẹ̀ ṣe, kì í ṣe pé ò dáa o, ṣùgbọ́n ẹ má san owó tuntun fún un. Tó bá délé tó kọ 238 fún yín dípò 256, wọn ò rẹ́ yín jẹ, bí Wíńdòsì ṣe ń ka gíìgì ló yàtọ̀ sí bí iléeṣẹ́ ṣe ń kà á.

Tí C5 yín bá jẹ́ òdo, ẹ kílóònù. Ẹ ra okùn tó ń so sátà mọ́ yúẹ́sìbì, kò wọ́n, ẹ fi so SSD mọ́ ẹ̀gbẹ́ lápútọ́ọ̀pù. Ẹ wo iye tẹ́ ẹ ti lò lórí háàdì, tó bá ju gíìgì 190 lọ, ẹ kó fídíò àti orin kúrò ná, torí SSD tó bá kún dẹ́nu máa ń lọ́ra, ìdá márùn-ún ẹ̀ tó ṣófo ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Clonezilla wà lọ́fẹ̀ẹ́ àmọ́ kì í fẹ́ kó láti orí háàdì ńlá bọ́ sórí kékeré bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ lo ètò tí iléeṣẹ́ SSD yín bá ń fún èèyàn tí wọ́n bá ní, á ṣètò ìyẹn fúnra ẹ̀. Ó lè gba wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí háàdì àtijọ́ yẹn ló ń kà. Bátìrì yín gbọ́dọ̀ kún, ṣájà á sì wà lára ẹ̀, kí NẸ́PÀ má lọ mú iná lójú ẹ̀.

Tó bá parí, ẹ pa á pátápátá, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́kù lè jáde. Ẹ ṣí ìdí ẹ̀, ẹ tú súkúrù, ẹ fa háàdì sẹ́yìn kó kúrò lẹ́nu, ẹ má fà á sókè, ẹ yọ férémù irin ara ẹ̀ sára SSD, ẹ tì í padà. Ẹ má so háàdì àtijọ́ mọ́ ọn nígbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa tàn án, torí Wíńdòsì méjì tó jọra bí ìbejì máa da ara wọn rú. Tó bá kọ pé òun ò rí ibi tóun ti máa gbéra, ẹ wọ báyọ́ọ̀sì, ojú ètò tó máa ń ṣáájú Wíńdòsì, F10 ni lórí ọ̀pọ̀ HP, ẹ wò ó bóyá ó rí SSD yẹn rárá. Tí ò bá rí i, ẹ tún un tì dáadáa, ó lè má wọlé tán. Tó bá ti gbéra, ẹ ṣí Command Prompt lọ́nà Run as administrator, ẹ tẹ èyí:

```
fsutil behavior query DisableDeleteNotify
```

Tó bá kọ 0 síwájú NTFS, ó dáa bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé Wíńdòsì ń sọ fún SSD ibi tẹ́ ẹ ti pa nǹkan rẹ́ kó lè tọ́jú ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì wá ètò kankan tó ní òun fẹ́ bá yín to fáìlì jọ mọ́, ti háàdì nìyẹn, SSD ò nílò ẹ̀, ńṣe ló kàn máa jẹ ọjọ́ ayé ẹ̀.

Ráàmù 4 yẹn, tí owó bá wà, ẹ fi 4 kún un kó di 8, torí tí Chrome bá ti ṣí ojú ìwé mẹ́wàá ráàmù á kún, Wíńdòsì á máa ju ẹrù sórí dísìkì. SSD á jẹ́ kó rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n SSD kì í ṣe ráàmù. Tó bá jẹ́ ọ̀kan nìkan lagbára yín ká, SSD ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Ohun tí ò ní yí padà ni pé Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù ọjọ́ orí yẹn ni wọn ò sì gbà fún Windows 11, SSD ò lè tún ìyẹn ṣe. Tó bá jẹ́ ìwé lẹ̀ ń tẹ̀ tẹ́ ẹ sì ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi rọ́pò Wíńdòsì, máa ń rìn dáadáa lórí irú ẹ̀.

Ó ku ibì kan tí háàdì ti sàn ju SSD lọ, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fiyè sí jù. Háàdì tó fẹ́ kú máa ń pariwo, ó máa ń lọ́ra, C5 á máa gòkè, èèyàn á ti mọ̀. SSD lè ṣiṣẹ́ dáadáa lálẹ́ àná kó má jí láàárọ̀ yìí, kò ní ṣe "tìk" kankan, bẹ́ẹ̀ kíkó nǹkan jáde nínú SSD tó kú le ju ti háàdì lọ gan-an, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mi ò rí nǹkan kan mú jáde fún onílé. Bákan náà, ẹ má fi SSD pamọ́ sínú àpótí fún ọdún mélòó kan láìso ó mọ́ iná, iná kíún tí mo ní wọ́n há mọ́ inú ẹ̀ yẹn máa ń jò díẹ̀díẹ̀, pàápàá nínú ooru, á sì gbàgbé ohun tẹ́ ẹ kọ sí i. Àwo háàdì ò gbàgbé bẹ́ẹ̀.

Torí náà ẹ má ta gíìgì 500 yẹn. Tí C5 ẹ̀ bá jẹ́ òdo, ẹ ra ilé yúẹ́sìbì fún un, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ fi rí i dájú pé kò sí ohun tó ṣẹ́kù síbẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ pa inú ẹ̀ rẹ́, kẹ́ ẹ máa kó ìbéèrè ìdánwò àti máàkì àwọn ọmọ sí i ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Tí C5 ẹ̀ bá ní iye, ẹ kó nǹkan yín kúrò nínú ẹ̀ tán, ẹ gbé e wá, àyè ṣì wà nínú páálí mi.